Ìdí tí wọ́n fi ń kọ kVA sára tiransifọ́mà dípò kW, àti bí ẹ ṣe lè yan èyí tó máa gbé iṣẹ́ yín

Iṣẹ́ kan wà tó máa ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ àwa tí a ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Àbújá àti àwọn ìlú Òkè Ọya: yíyan tiransifọ́mà. Ènìyàn á ro kW gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀, á bá 170. Á lọ sọ́jà, á rí tiransifọ́mà tí wọ́n kọ 200 sí lára, á ní 30 ṣì ṣẹ́kù fún ọjọ́ iwájú. Ká tó wí ká tó fọ̀, fíúùsì ti ń já lemọ́lemọ́, epo inú tiransifọ́mà ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, oníṣẹ́ iná àti ẹni tó tà á á sì máa di ẹ̀bi ru ara wọn.

Ohun tó fà á kò fara sin. 170 yẹn, kW ni, ìyẹn iṣẹ́ tí iná ń ṣe gan-an. 200 yẹn, kVA ni. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì ti yọ iṣu kúrò nínú àgbàdo. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí tiransifọ́mà kì í fi í ní kW lára, lẹ́yìn náà ká wo bí ẹ ṣe máa ti kW tiyín dé kVA láìṣìnà.

Àpẹẹrẹ kan ni a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àga àti ilẹ̀kùn irin ní Déídéí, tí ọmọ Ọ̀ffà kan ni ín. Ó ní ẹ̀rọ ìlagi àti ẹ̀rọ ìfági, ó ní ẹ̀rọ àwọn ajórin, ó sì ní yàrá kan tí híítà ti ń gbẹ pákó. Mo ti sọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ di gbáko díẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fọ́tò àwo irin tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára tiransifọ́mà. Ilẹ̀ ni kí ẹ dúró sí yà á. Ẹ má gun ibẹ̀, nítorí 11,000 fóòtì ló wà lókè yẹn, kò sì dìgbà tí ọwọ́ bá kàn án kó tó pa ènìyàn.
- Fọ́tò irú àwo bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ lò.
- Kílàǹpù mítà, ìyẹn mítà tó ń gbá wáyà mú láti ìta. Tí ẹ bá lè rí èyí tó ń fi kW àti PF hàn pẹ̀lú ámpíà, òun ló dára jù. PF ni páwà fákítọ̀, iye tó ń sọ bí kW ṣe tó nínú kVA.
- Ẹ̀rọ ìṣirò tó ní àmì √. Ti orí fóònù tó.
- Oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí, tó máa bá yín ṣí fídà-pílà, ìyẹn àpótí irin tí iná tiransifọ́mà ń gbà lọ sílé iṣẹ́. Apá yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ìpele 1: Ẹ ka àwo ara tiransifọ́mà

Lára tiransifọ́mà ọ̀gbẹ́ni Déídéí yìí, ohun tí wọ́n kọ nìyí: 200 kVA, 11,000/415 V, 50 Hz, 10.5 A fún apá òkè, 278 A fún apá ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí kW níbẹ̀. Kò sí PF níbẹ̀. Fóòtì wà, ámpíà wà, kVA wà.

kVA kì í ṣe nǹkan mìíràn ju fóòtì tí a fi ámpíà sọ di púpọ̀, tí a wá pín sí 1,000. Nítorí pé féèsì mẹ́ta ni iná ilé iṣẹ́, a máa ń fi 1.732 kún ìsọdipúpọ̀ náà:

```
kVA = 1.732 × V × A ÷ 1000
A   = kVA × 1000 ÷ (1.732 × V)
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n á fi 220 tàbí 240 sí àyè V, nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀ nínú ilé. Ti féèsì sí níútírà nìyẹn. Ní inú ìṣirò yìí, ti féèsì sí féèsì ni a fẹ́, ìyẹn 415.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi 200 sí àyè kVA àti 415 sí àyè V. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi 278, ẹ ti kà á bó ṣe yẹ. Ẹ kọ 278 yẹn sílẹ̀ gàdàgbà, òun ni a máa fi wọn gbogbo ohun tó kù. Tiransifọ́mà 300 kVA á fún yín ní 417, ti 500 kVA á fún yín ní 696.

Ìpele 2: Ẹ mọ ohun tó ń pa tiransifọ́mà

Ẹ má fo ìpele yìí kọjá, torí òun ló dáhùn ìbéèrè tó wà lórí àkọlé.

Tiransifọ́mà ò mọ̀ bóyá pákó ni iná ń là lọ́hùn-ún tàbí omi ló ń sè. Ohun tó mọ̀ ni ooru inú ara rẹ̀, ooru yìí ló sì ń pa á. Orísun méjì ni ooru náà ní.

Èkíní ni irin tó wà ní àárín rẹ̀, tí wọ́n fi pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín tò jọ. Fóòtì tó wọlé máa ń sọ irin yìí di òòfà, òòfà náà sì ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lílọ àti bíbọ̀ yìí ń mú irin gbóná. Bí fóòtì bá ti wà, ooru yìí wà, yálà ẹ lo iná tàbí ẹ ò lò ó. Kíkùn tí ẹ máa ń gbọ́ lára tiransifọ́mà àdúgbò ní òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, irin yìí ló ń kùn.

Èkejì ni wáyà kọ́pà tí wọ́n lọ́ mọ́ irin náà lára. Ámpíà ló ń mú èyí gbóná, kì í sì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà. Tí ámpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Pépà ni wọ́n fi wé wáyà yìí kí ó má bàa kan ara rẹ̀, pépà yìí ló sì kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ yìí fún gbogbo ayé ṣírò rẹ̀ pé tí ibi tó gbóná jù nínú wáyà bá ti kọjá ìwọ̀n 98, gbogbo ìwọ̀n 6 tó bá tún fi gbóná sí i á gé ọjọ́ ayé pépà náà sí ìdajì. Ìdí nìyí tí tiransifọ́mà tí ẹrù ń pa kì í fi í kú lọ́jọ́ kan. Inú ló ti ń jẹrà tipẹ́tipẹ́ kó tó dún gbàà.

Fóòtì ló ń fa ooru àkọ́kọ́, ámpíà ló ń fa ìkejì. Nítorí náà fóòtì àti ámpíà ni ààlà tiransifọ́mà, àwọn méjèèjì tí a sì sọ di púpọ̀ ni kVA. kW kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Kí ó lè hàn kedere, ẹ jẹ́ ká gbé 278 ámpíà kan náà gba inú tiransifọ́mà 200 kVA yìí nígbà mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, híítà nìkan ló wà níwájú rẹ̀: iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe jẹ́ 200 kW. Nígbà kejì, mọ́tọ̀ tí PF wọn jẹ́ 0.7 ló wà níbẹ̀: iṣẹ́ náà jẹ́ 140 kW. Nígbà kẹta, ẹ̀rọ jórinjórin tí PF wọn jẹ́ 0.5: iṣẹ́ náà jẹ́ 100 kW. Nọ́ńbà kW mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ámpíà kan náà ló gba inú kọ́pà, ooru kan náà ló sì jáde. Èwo ni ẹni tó ṣe tiransifọ́mà ì bá kọ sára rẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kò mọ̀ bóyá ilé búrẹ́dì ní Kúbwà ló ń lọ tàbí ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní Kánò. Ohun tó mọ̀ dájú ni bí kọ́pà tí òun lò ṣe nípọn tó, àti bí irin òun ṣe tóbi tó. Ìyẹn náà ló kọ.

Ẹ ronú sí ọkọ̀ èrò tó ń gbéra ní Jábì lọ sí Ìlọrin. Iye ìjókòó ni a fi ń mọ bó ṣe tóbi tó, a kì í fi iye owó tó máa wọlé mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó sanwó àti ẹni tí awakọ̀ gbé lọ́fẹ̀ẹ́, ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà. kVA ni ìjókòó, kW ni owó tó wọlé.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ fi ní kVA àti kW lára pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tó ń mu dísù, iye iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yẹn lè ṣe ní ààlà tirẹ̀, kW sì ni a fi ń wọn ìyẹn. Tiransifọ́mà kò ní ẹ́ńjìnnì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ dá ara yín lóhùn láìwo òkè. Tí ámpíà ò bá yí padà, ṣùgbọ́n tí kW já sí ìdajì, ṣé tiransifọ́mà á tutù? Tí ìdáhùn yín bá jẹ́ rárá, ẹ máa bọ̀.

Ìpele 3: Ẹ sọ kW ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan di kVA

Ohun tó wà láàárín kW àti kVA ni páwà fákítọ̀, èyí tí mítà ń kọ bíi PF. Mọ́tọ̀ nílò òòfà nínú kó tó lè yí. Iná tó fi ń ṣe òòfà yìí, ó ń yá a ni, ó sì ń dá a padà, léraléra, ní gbogbo ìgbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀. Kò fi ṣe iṣẹ́ kankan, mítà tó ń ka owó iná kò sì kà á. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, inú wáyà tiransifọ́mà ló ń gbà.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ lọ síbi mọ́tọ̀ ìlagi tó jẹ́ 15 kW, ẹ tàn án láìfi igi kankan sí i, ẹ fi kílàǹpù mítà gbá wáyà féèsì kan mú. Ẹ lè rí nǹkan bíi 11 ámpíà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀rọ yìí ti ń jẹ iná gan-an, nítorí 11 ámpíà lórí féèsì mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 kVA. Ẹ yí mítà sí kW, ẹ óò rí i pé bóyá ni yóò fi kọjá 1.5. Òòfà ni gbogbo èyí tó kù. Ẹ wá ti igi sí i: ámpíà á gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ 29, kW á fò lọ sí 16 tàbí 17, PF á sì gòkè lọ sí 0.8. Ìdí nìyí tí mọ́tọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ kékeré kì í fi í jẹ́ ọ̀rẹ́ tiransifọ́mà.

Ìṣirò náà:

```
kVA = kW ÷ PF
```

Tí àwo ẹ̀rọ bá ní PF lára, ẹ lo ìyẹn. Tí kò bá ní, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 fún híítà, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù, 0.8 fún mọ́tọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti 0.5 fún ẹ̀rọ jórinjórin oníkọ́pà tí àwọn ajórin wa máa ń lò. Àwọn mìíràn nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ máa ń wá sí ìsàlẹ̀ 0.5. Nígbà tí ẹ bá dé ìpele 5, mítà á tún un ṣe fún yín.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí mọ́tọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. kW tàbí HP tó wà lára mọ́tọ̀ kì í ṣe iná tó ń wọlé, agbára tó ń jáde ní ẹnu ọ̀pá tó ń yí ni. Iná tó ń wọlé máa ń ju ìyẹn lọ, nítorí mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ń fi díẹ̀ ṣòfò sínú ooru. Fún mọ́tọ̀ 15 kW, ẹ pín in sí 0.9 kí ẹ tó máa bá ìṣirò lọ.

Ti Déídéí nìyí. Mọ́tọ̀ mẹ́fà ni, 15 kW ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 90 kW ní ẹnu ọ̀pá. Tí a bá pín in sí 0.9, iná tó ń wọlé jẹ́ 100 kW. Tí a bá tún pín ìyẹn sí 0.8, a óò rí 125 kVA. Ẹ̀rọ jórinjórin mẹ́rin, 10 kW lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 40 kW. Tí a bá pín in sí 0.5, ó di 80 kVA. Híítà jẹ́ 30 kW, PF rẹ̀ jẹ́ 1, nítorí náà 30 kVA náà ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kò sí ẹ̀rọ kan tí kVA rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí kW rẹ̀. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ ti fi PF sọ ọ́ di púpọ̀ dípò kí ẹ fi pín in. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìpele 4: Ẹ ro wọ́n pọ̀

Ọ̀nà tó yá ni kí ẹ ro àwọn kVA náà pọ̀ ní tààràtà: 125, 80 àti 30 jẹ́ 235 kVA. Nọ́ńbà yìí ga díẹ̀ ju òtítọ́ lọ, nítorí iná òòfà àti iná iṣẹ́ kì í dé góńgó lásìkò kan náà. Fún ẹni tó ń ra tiransifọ́mà, àṣìṣe tó wà ní apá òkè kò léwu, kò sì burú kí ẹ dúró síbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó péye, ẹ kọ́kọ́ wá iná òòfà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí àmì rẹ̀ jẹ́ kVAr. Ẹ ro kW pọ̀ lọ́tọ̀, ẹ ro kVAr pọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó fi wọ́n pàdé:

```
kVAr = √(kVA² − kW²)
kVA  = √(kW² + kVAr²)
```

Mọ́tọ̀ ní Déídéí ń yá 75 kVAr, ẹ̀rọ jórinjórin ń yá 69, híítà kò yá nǹkan kan. Àpapọ̀ kVAr jẹ́ 144, àpapọ̀ kW jẹ́ 170. Tí a bá fi wọ́n pàdé, 223 kVA ni. Tí a bá pín 170 sí 223, PF gbogbo ilé iṣẹ́ náà jẹ́ 0.76.

223 kVA lórí 415 fóòtì jẹ́ 310 ámpíà. Ẹ rántí 278 tí ẹ kọ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi han ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mítà tó wà lára ògiri ń sọ 170. Ṣé irọ́ ló ń pa ni?” Mítà kò purọ́. Ká ní híítà nìkan ló wà nílé iṣẹ́ yẹn, 170 kW á jẹ́ 237 ámpíà péré, tiransifọ́mà 200 kVA á sì gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Pẹ̀lú mọ́tọ̀ àti ẹ̀rọ jórinjórin, 170 kW kan náà di 310 ámpíà, ooru inú kọ́pà sì fi nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti híítà nìkan lọ. Mítà kW kò ní yí padà kankan láàárín méjèèjì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* èsì yín gbọ́dọ̀ ju àpapọ̀ kW lọ, kó sì kéré sí kVA tí ẹ kàn rò pọ̀ ní tààràtà. 223 wà láàárín 170 àti 235, nítorí náà ìṣirò wa dúró.

Ìpele 5: Ẹ wọ̀n ọ́n lójú iṣẹ́

Tí ilé iṣẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ìwé. Gbogbo ajórin kì í tẹ iná lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ohun tí ẹ máa wọ̀n lè dín sí ohun tí ẹ ṣírò. Ẹ yan àkókò tí iṣẹ́ bá gbóná jù, kí oníṣẹ́ iná ṣí fídà-pílà, kó sì gbá wáyà féèsì pupa, ti yẹ́lò àti ti búlúù mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni bá fi kílàǹpù gbá féèsì àti níútírà mú pọ̀, nọ́ńbà tó máa rí kò ní ìtumọ̀.

Nǹkan méjì ló máa ń tan ènìyàn jẹ níbí.

Àkọ́kọ́ ni kí féèsì má dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká ní pupa jẹ́ 300, yẹ́lò 240, búlúù 180. Tí ẹ bá pín àpapọ̀ wọn sí mẹ́ta, ó jẹ́ 240, ìyẹn nǹkan bíi 173 kVA. Ẹni tó wo ìyẹn nìkan á sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà lábẹ́ féèsì pupa ń gbé 300, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 278. Òun nìkan ló ń jóná, kò sì sí bí ìrọ̀rùn féèsì búlúù ṣe lè ràn án lọ́wọ́. Irú èyí pọ̀ gan-an níbi tí gbogbo ajórin ti so mọ́ féèsì kan. Ẹ pín wọn sórí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó ro owó tiransifọ́mà tuntun.

Èkejì ni iná tó lọ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, 415 yẹn lè wá sí 360 ní ìrọ̀lẹ́. Ààlà ámpíà tiransifọ́mà kò yí padà, 278 náà ni. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 278 lórí 360 fóòtì jẹ́ 173 kVA. Ìyẹn ni pé 200 tí ẹ rà kò pé 200 mọ́ ní wákàtí yẹn. Mọ́tọ̀ tí igi wà lẹ́nu rẹ̀ tún máa ń fa ámpíà sí i kó lè bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí fóòtì bá dín kù. Wàhálà á wá di méjì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* féèsì tó ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ fi wé ámpíà tó wà lára àwo. Ẹ má lo ìpíndọ́gba, ẹ má lo kW. Tí ó bá ti kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ọ̀sán, mo máa ń sọ fún oníbàárà mi pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Oòrùn tiwa ló fà á. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe tiransifọ́mà gbà pé ojú ọjọ́ kò ní kọjá ìwọ̀n 40 nígbàkígbà, àti pé ìpíndọ́gba ọdún kò ní kọjá 20. Ìpíndọ́gba Àbújá ju 20 lọ dáadáa. Ní oṣù kẹrin, Sókótó àti Màídúgùrì máa ń kọjá 40. Tiransifọ́mà tó wà níbẹ̀ ti gbóná kó tó gbé ẹrù kankan.

Ìpele 6: Ẹ yan ojútùú

Ọ̀nà méjì ló wà fún ilé iṣẹ́ Déídéí yìí.

Ọ̀kan ni kó gbé 300 kVA wá. 310 ámpíà nínú 417 jẹ́ ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún, àyè sì wà fún oòrùn, àti fún ẹ̀rọ kan tàbí méjì sí i.

Èkejì ni kó fi kàpásítọ̀ sí i. Kàpásítọ̀ máa ń bá mọ́tọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ iná òòfà yẹn níbẹ̀, kó má bàa máa gba inú tiransifọ́mà kọjá mọ́. Tí ó bá fi nǹkan bíi 88 kVAr sí i, PF á gòkè láti 0.76 sí 0.95, 223 kVA á wá sí 179, 310 ámpíà á wá sí 249. kW kò yí padà rárá, 170 náà ni. Tiransifọ́mà 200 kVA tó wà nílẹ̀ á gbé e, àmọ́ ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún.

Tí ẹ bá fẹ́ kàpásítọ̀, ẹ̀yìn tiransifọ́mà, ní apá 415, ló gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n bá so mọ́ apá 11,000 kò lè gba ẹrù kankan kúrò lára rẹ̀. Kó jẹ́ irú èyí tó ń tan ara rẹ̀ tó sì ń pa ara rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, torí kàpásítọ̀ tó bá wà lórí iná ní òru, nígbà tí mọ́tọ̀ ti kú, lè gbé fóòtì sókè. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé á gé owó iná sí ìdajì. Ẹni tó bá ń sanwó lórí kWh, kW ni mítà rẹ̀ ń kà, kàpásítọ̀ kò sì dín kW ẹ̀rọ kankan kù.

Ní tèmi, 300 kVA ni mo yàn fún un. Ẹ̀rọ ìfági kejì ti wà lọ́nà, ìdá 90 sì ti há jù nínú oòrùn oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Ká ní iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i mọ́ ni, kàpásítọ̀ ni mo máa bá a fi síbẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kò tó ti tiransifọ́mà.

Kí iná tó wọ tiransifọ́mà tuntun, NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní agbègbè yín náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn tí ẹ bá ti tàn án, ẹ tún wọn féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní wákàtí tí iṣẹ́ pọ̀ jù, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ pẹ̀lú fóòtì àti PF. Kí féèsì tó ga jù má kọjá 320 nínú 417. Ẹ wo aago tó ń ka ooru epo lẹ́yìn tí ẹrù bá ti wà lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ yọ ìwọ̀n ojú ọjọ́ kúrò nínú rẹ̀. Iye tó bá kù kò gbọ́dọ̀ ju ti epo tí wọ́n kọ sára àwo lọ, 60 ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ojú ọjọ́ bá jẹ́ 38 tí epo jẹ́ 75, 37 ló kù, ara tiransifọ́mà yín le. Tí epo bá jẹ́ 95, 57 ló kù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 60, ẹ padà sí ìpele 5, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá féèsì dọ́gba.